Àwòrán Ìyá Àgbà Wà Nínú Fídíò Ìnáwó

Ilé púpọ̀ wà tí fọ́tò ìyá àgbà wọn kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, tí èyí tó wà náà sì ti ṣá, ṣùgbọ́n tí wákàtí kan àti ààbọ̀ fídíò ìyá kan náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Oníkámẹ́rà ló gbà á lọ́jọ́ ìnáwó. Ìyá jókòó, ìyá dìde, ìyá jó, wọ́n lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ó gbàdúrà fáwọn ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ń wá fọ́tò tí wọn yóò tẹ̀ sínú ìwé ìrántí, fọ́tò kan ṣoṣo tó ti ṣá yẹn ni gbogbo ẹbí yóò tún máa fi ránṣẹ́ síra wọn. Ohun tí wọ́n ń wá wà nínú fídíò náà. Ó kù kí ẹnìkan fà á yọ.

Fídíò kò ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò tó ń sáré tẹ̀lé ara wọn lọ. Lórí ètò tẹlifíṣọ̀n tí à ń pè ní PAL, èyí tí Nàìjíríà ń lò láyé káàsẹ́ẹ̀tì, fọ́tò 25 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú 90 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5,400. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po 25, ó di fọ́tò 135,000. Kò sí ẹni tí yóò jókòó wo gbogbo ìyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń ṣe ni pé wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà máa mú fọ́tò kan ṣoṣo ní ìwọ̀n àkókò kan, bíi ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, láti ìbẹ̀rẹ̀ fídíò dé òpin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 135,000 ṣe máa di 540, tí èèyàn lè yẹ̀ wò tán kí oúnjẹ tó jinná.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé, ṣé kí a kàn dá fídíò dúró níbi tó bá dára, kí a sì ya ojú fóònù? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa rí gbà kì í ṣe fọ́tò inú fídíò gan-an. Ojú fóònù yín lẹ yà, pẹ̀lú bọ́tìnì ìdádúró tó wà láàárín rẹ̀ àti aago tó wà lókè. Ìwọ̀n ojú fóònù ló máa ní, kì í ṣe ìwọ̀n fídíò. Ọwọ́ èèyàn sì máa ń pẹ́: kí ìka tó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rín tí ẹ rí ti kọjá. Yàtọ̀ sí èyí, ojú máa ń rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, àwọn àlejò tó ń jẹun àti àwọn onílù nìkan lẹ ó ti máa wò, ìgbà tí ìyá bá sì kọjá lẹ́yìn wọn, ẹ kò ní rí i. Kọ̀ǹpútà kì í sùn, kì í sì fo ibì kankan.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì bá a lọ dé òpin. Ìyá kan ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún ní Abẹ́òkúta ní 1998. Káàsẹ́ẹ̀tì VHS ni oníkámẹ́rà fi gbà á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọmọ kan gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dà á sórí àwo DVD. Ìyá ti di olóògbé. Nǹkan méjì ni àwọn ọmọ ń wá: fọ́tò ìyá kan tó dára débi tí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ jáde, àti fọ́tò àbúrò ìyá, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Èkó. Ìyá Èkó kò ní fọ́tò kankan nílé, ṣùgbọ́n àwọn àgbà rántí pé ó wá síbi ìnáwó náà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ohun tó wà lórí àwo di fáìlì kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá ṣí àwo DVD, ẹ máa rí fódà `VIDEO_TS`, nínú rẹ̀ ni fídíò ti gé sí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú orúkọ bíi `VTS_01_1.VOB`. Ẹ má ṣe mú wọn níkọ̀ọ̀kan, nítorí pé aago inú wọn lè dàrú. Ètò kan wà tó ń jẹ́ MakeMKV, òun ni yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fáìlì kan láìsí pé ó tún fídíò náà fún pọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe fáìlì náà ní `odun80.mkv`. Ètò kejì tí a nílò ni `ffmpeg`, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Kò ní ojú tí èèyàn ń tẹ̀. Àṣẹ lèèyàn máa ń kọ fún un. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà, nítorí pé àṣẹ tí a fẹ́ kọ kò ju mẹ́rin-márùn-ún lọ.

Kí a tó fa ohunkóhun yọ, a máa kọ́kọ́ bi fáìlì náà léèrè irú ẹni tó jẹ́:

```
ffprobe odun80.mkv
```

Láàárín ọ̀pọ̀ ìlà tó máa tú jáde, ọ̀kan máa jọ èyí:

```
Video: mpeg2video (Main), yuv420p(tv, top first), 720x576 [SAR 16:15 DAR 4:3], 25 fps
```

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí a fà yọ níbẹ̀. `25 fps` ni fọ́tò 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí a ti sọ. `720x576` ni iye ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní, 720 ní ìbú, 576 ní gíga. `top first` sì ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ba fọ́tò jẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ṣètò tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, wọn kò gbé odindi fọ́tò wá lẹ́ẹ̀kan. Ìlà tó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi kọ fọ́tò náà. Kámẹ́rà á kọ́kọ́ gba ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, títí dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa padà gba ìlà kejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Ìdajì kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Lójú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ìdajì méjèèjì máa ń yọ tẹ̀lé ara wọn, ojú wa kì í sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fa fọ́tò kan yọ, ìdajì méjèèjì á wà papọ̀ lórí àwòrán kan náà, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n gba èkejì kì í ṣe ìgbà tí wọ́n gba èkíní. Tí ìyá bá jókòó jẹ́jẹ́, kò sí ìyàtọ̀. Tó bá ń jó, tó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà ti kúrò níbi tó wà kí ìdajì kejì tó dé. Ẹ wo ọwọ́ náà dáadáa nínú fọ́tò: etí ìka rẹ̀ á ya sí ìlà-ìlà bí eyín ìyàrun, ìlà kan sí ọ̀tún, ìlà kan sí òsì, títí dé ọrùn ọwọ́. Ojú rẹ̀ tí kò mì á dára, ìkòkò etí gèlè rẹ̀ tó ń mì á gé wẹ́wẹ́. Ohun tí èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n nìyẹn: ibi tí nǹkan ti ń yí nìkan ni ìlà náà máa ń wà, ibi tó dúró kì í ní in.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó rí ìlà yìí máa ń rò pé káàsẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́ ni, wọ́n á sì pa fọ́tò náà tì. Káàsẹ́ẹ̀tì kò bàjẹ́. Ohun tí ó kù ni kí a ya ìdajì méjèèjì sọ́tọ̀, kí ètò sì fi ìlà tó wà lókè àti ní ìsàlẹ̀ dí àlàfo tó bá wà láàárín. `yadif` ni orúkọ ẹ̀rọ inú `ffmpeg` tó ń ṣe é, ó sì gbọ́n díẹ̀: níbi tí nǹkan kò bá ti mì, ó máa ń fi gbogbo ìlà sílẹ̀ bó ṣe wà. Òfin kan ṣoṣo ló ní tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré: òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí a tó mú fọ́tò, kí a sì tó yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Tí a bá kọ́kọ́ sọ fọ́tò di kékeré tàbí ńlá, ìlà kìíní àti ìkejì á ti dà pọ̀ mọ́ra, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè yà wọ́n mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìrísí náà wà níbẹ̀. `DAR 4:3` ń sọ pé ó yẹ kí fọ́tò náà fẹ̀ ní ìwọ̀n mẹ́rin sí gíga mẹ́ta, ṣùgbọ́n 720 sí 576 kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹyọ àwọ̀ fídíò PAL kò ní igun mẹ́rin tó dọ́gba. Ó fẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Ẹ̀rọ tó ń gbá DVD mọ èyí, ó máa ń fẹ̀ ẹ́. Fáìlì `.jpg` tí a fà yọ lè máà mọ̀ ọ́n, gbogbo èèyàn á wá tẹ́ẹ́rẹ́, ojú wọn á gùn. Ọmọ tó rí i á ní, "Ojú Mọ́mì kọ́ nìyí," òótọ́ ló sì ń sọ. Láti tún un ṣe, a ó sọ ìbú di 768, nítorí pé 768 sí 576 ló jẹ́ mẹ́rin sí mẹ́ta gan-an. Tó bá jẹ́ pé ará ilé tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi àwo wá, `720x480` lẹ máa rí níbẹ̀, fọ́tò á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tirẹ̀ ni kí ẹ sọ di 640 sí 480.

Ó wá kan fífa fọ́tò yọ. Mo fara mọ́ kí èèyàn má ṣe kọ́kọ́ tú fọ́tò 540 sínú fódà. Ohun tó dára ni kí ó kọ́kọ́ tò wọ́n ní kékeré sórí ojú ìwé, ọgbọ̀n-ọgbọ̀n lórí ìwé kan, kí ojú lè sáré wò wọ́n:

```
ffmpeg -i odun80.mkv -vf "yadif,fps=1/10,scale=256:192,tile=6x5" ewe_%02d.jpg
```

Ẹ kà á láti òsì sí ọ̀tún. `yadif` ya ìdajì sọ́tọ̀. `fps=1/10` ní kó mú fọ́tò kan nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. `scale` sọ wọ́n di kékeré, `tile=6x5` sì tò wọ́n ní mẹ́fà lórí ìlà kan, ìlà márùn-ún lórí ìwé kan. `%02d` ni nọ́ńbà tí yóò wà lára orúkọ fáìlì, ó ń rí i dájú pé òdo wà níwájú, kí ìwé kẹwàá má baà lọ tò síwájú ìwé kejì nínú fódà. Ìwé 18 ló máa jáde. Kọ̀ǹpútà tí kò lágbára á ṣe é ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ohun tí ẹ máa rí lórí ìwé wọ̀nyẹn ni gbogbo ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan: àwọn ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ ilé àti àdúrà, lẹ́yìn náà ìjókòó nínú gbọ̀ngàn, àkàrà òyìnbó, oúnjẹ, ijó. Ní ìwé karùn-ún, ìlà kẹrin, àwòrán karùn-ún, ìyá wà níbẹ̀, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Fọ́tò tí à ń wá sún mọ́ ibẹ̀. Ìgbà wo gan-an ni? Ìwé mẹ́rin ti kọjá, ìyẹn 120. Ìlà mẹ́ta ti kọjá lórí ìwé yìí, ìyẹn 18. A wá fi 5 kún un, ó di fọ́tò 143. Fọ́tò 142 ló wà ṣáájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó di 1,420. `fps` kì í mú fọ́tò ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá náà, àárín rẹ̀ ló ti máa ń mú un, nítorí náà a ó fi nǹkan bíi 5 kún un. 1,425 jẹ́ ìṣẹ́jú 23 àti ìṣẹ́jú àáyá 45. Àwọn tí kò mọ ọ̀rọ̀ àárín yìí ló máa ń padà síbẹ̀, tí wọ́n á bá ẹlòmíràn lójú fídíò, tí wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ń parọ́.

A ó wá padà sí àyíká ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ṣáájú, kí a sì mú fọ́tò márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan fún ogún ìṣẹ́jú àáyá:

```
ffmpeg -ss 00:23:35 -t 20 -i odun80.mkv -vf "yadif,fps=5,scale=768:576,setsar=1" -q:v 2 sunmo_%04d.jpg
```

`-ss` ni ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, `-t` ni bó ṣe máa gùn tó. `-q:v 2` ló ń sọ bí a ṣe fẹ́ kí `.jpg` náà dára tó. Nọ́ńbà tó bá kéré ló dára jù, tí ẹ kò bá sì kọ ọ́ rárá, ètò náà á fún fọ́tò pọ̀ débi tí ojú ìyá á ti ní àpá igun mẹ́rin kéékèèké. Ọgọ́rùn-ún fọ́tò ló jáde. Ní `sunmo_0062.jpg`, ẹ̀rín ti là, ṣùgbọ́n ojú ti pa dé. Ìpajú kì í ju ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ojú tó là wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé àárín tí a fi sílẹ̀ fò ó ni. Fọ́tò 61 ló ṣáájú, márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó di bíi ìṣẹ́jú àáyá 12 lẹ́yìn 23:35. Ìgbà tó kẹ́yìn nìyí tí a ó padà, a ó sì mú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀:

```
ffmpeg -ss 00:23:46 -t 2 -i odun80.mkv -vf "yadif=1,scale=768:576,setsar=1" gbogbo_%04d.png
```

`yadif=1` sọ ìdajì kọ̀ọ̀kan di odindi fọ́tò, nítorí náà kì í ṣe 25 la ó rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan mọ́, 50 ni. Ìṣẹ́jú àáyá méjì fún wa ní ọgọ́rùn-ún fọ́tò. `.png` la lò níbí nítorí pé kì í sọ ohunkóhun nù. A kò ní lò ó fún fọ́tò 540, ṣùgbọ́n fún èyí tí a fẹ́ tẹ̀ jáde, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún yìí, ojú á máa là, ẹ̀rín á máa gbòòrò, orí á máa yí díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá èyí tí orí ìyá dúró nínú rẹ̀. Orí tó ń yí máa ń ṣú lójú kámẹ́rà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlà mọ́, kámẹ́rà ló gbà á bẹ́ẹ̀, kò sì sí àṣẹ tó lè tún un ṣe. Ẹ fi ọwọ́ sí irun ojú tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀: tí ẹ bá lè ka ìlẹ̀kẹ̀ náà, fọ́tò yẹn ni.

Bí ẹ ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò, ẹ máa rí àwọn tó jẹ́ ìdààmú. Àwọn fọ́tò kan á funfun gbòò láìrí ojú ẹnikẹ́ni, nítorí pé fọ́tógíráfà mìíràn tan iná kámẹ́rà rẹ̀ ní ìdá ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Nínú àwọn kan, ọwọ́ ẹni tó ń náwó á bo ojú ìyá. Àwọn tó ṣàtúnṣe fídíò òde láyé yẹn fẹ́ràn kí àwòrán kan máa tú wọ inú òmíràn, ìràwọ̀ á ṣí, ọkàn á pa dé; tí fọ́tò bá bọ́ sórí irú rẹ̀, ìyá á wà lórí ìkòkò ìrẹsì. Ẹ má bínú sí irú ìwọ̀nyẹn, ẹ lọ wo ẹgbẹ́ wọn.

Ìyá ti jáde. Ìyá Èkó ńkọ́? Gbogbo ìwé 18, kò sí ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá yára á sọ pé kò wá, kò sì ní jẹ́ òótọ́. Nígbà tí oníkámẹ́rà ń rìn láti tábìlì dé tábìlì, kò dúró lórí ẹnikẹ́ni ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Tí fọ́tò tí a mú bá jìnnà síra ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, èèyàn lè kọjá láàárín méjì láìfọwọ́ kan ọ̀kan. Àárín tó bá máa wà láàárín fọ́tò gbọ́dọ̀ kéré ju ìdajì àkókò tí ohun tí à ń wá fi hàn. Ẹni tó bá hàn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì ló yẹ kí a fi wá a. Ìgbà náà ni a ó ní ìdánilójú pé fọ́tò méjì ó kéré tán ló máa bọ́ sórí rẹ̀, tí ọ̀kan bá sì ṣú, èkejì á wà.

Kò sí ìdí láti ṣe gbogbo fídíò bẹ́ẹ̀. Ìwé 18 ti sọ fún wa pé láti ìṣẹ́jú 40 ni àwọn àlejò ti wà ní tábìlì, ìyẹn sì gba ìṣẹ́jú 40 mìíràn:

```
ffmpeg -ss 00:40:00 -t 2400 -i odun80.mkv -vf "yadif,fps=1/2,scale=256:192,tile=6x5" alejo_%02d.jpg
```

Fọ́tò 1,200 lórí ìwé 40. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé wò fún ẹni tó mọ irú aṣọ tí Ìyá Èkó wọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà àgbà tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kó jókòó síbi kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà. Ní ìwé 27, ìlà kejì, àwòrán kẹta àti ìkẹrin: obìnrin kan nínú àdìrẹ, ó ń na ife sí ẹni tó ń bu omi. Fọ́tò 789 àti 790. Ìṣirò wa tún gbé wa dé wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú àáyá 17 àti 19. Ní ìgbà àkọ́kọ́, fọ́tò wa bọ́ sí ìṣẹ́jú àáyá 15 àti 25 nínú ìṣẹ́jú yẹn. Ó wá, ó lọ, láàárín méjèèjì. Èyí ni ìdí tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀rí àìrí kan ṣoṣo pa àwọn àgbà lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀rọ kan wà nínú `ffmpeg` tó ń jẹ́ `thumbnail`, tí èèyàn lè sọ fún pé kó mú fọ́tò kan tó dára jù nínú 250, dípò kó kàn mú èyí tó bọ́ sí àkókò rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Fún fídíò ìnáwó, èmi kò fara mọ́ ọn. Àwọ̀ ló ń wò: fọ́tò tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ àwọ̀ gbogbo àwọn yòókù ló máa yàn. Kò mọ ojú tó là yàtọ̀ sí ojú tó pa dé, kò sì mọ fọ́tò tó ṣú yàtọ̀ sí èyí tó mọ́. Ẹni tó hàn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin láàárín mẹ́wàá ni irú rẹ̀ máa kọ́kọ́ sọ nù.

Fídíò orí fóònù kò ní ọ̀rọ̀ ìlà eyín ìyàrun, ẹ lè yọ `yadif` kúrò. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé fọ́tò inú rẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo kọjá ní iye kan náà. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, ọ̀pọ̀ fóònù máa ń dín iye fọ́tò kù kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ètò mú fọ́tò kan nínú ọgbọ̀n-ọgbọ̀n kò tíì ní kó mú ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí VLC ṣe ń ṣe é nìyẹn: `Recording ratio` tó wà lábẹ́ `Scene filter` rẹ̀, iye fọ́tò ló ń kà, kì í ṣe aago. `fps` ti `ffmpeg` ń wo aago, òun ló ṣeé gbára lé tí a bá fẹ́ padà wá ibì kan. Tí fídíò náà bá sì gba orí WhatsApp kọjá, ó ti di kékeré kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ ní kí ẹni tó gbà á fi fáìlì gan-an ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fídíò.

Orúkọ fáìlì ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Fọ́tò tí a fà yọ kò mọ̀ pé 1998 ni òun. Ọjọ́ tí ẹ fà á yọ ni kọ̀ǹpútà máa kọ sára rẹ̀, tí fóònù bá sì tò wọ́n, Ìyá Èkó á bọ́ sáàárín fọ́tò ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ kọ ọdún, ibi ìnáwó, orúkọ ẹni náà àti ìṣẹ́jú tó wà nínú fídíò sínú orúkọ rẹ̀: `1998_Abeokuta_IyaEko_1h06m17.png`. Ẹni tó bá fẹ́ tún un fà yọ lọ́la á mọ ibi tó máa lọ.

Ó ku títẹ̀. 768 ní ìbú àti 576 ní gíga kò tó ìdajì mílíọ̀nù ẹyọ àwọ̀. Fóònù kékeré òde òní ń gba ìlọ́po ìyẹn lọ́nà púpọ̀. Bébà ínṣì mẹ́fà sí mẹ́rin ni ìwọ̀n rẹ̀. Lórí ìyẹn, ẹyọ àwọ̀ 144 ló máa wà nínú ínṣì kan, ojú á rí i pé ó rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn á mọ̀ pé ìyá ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri ní ínṣì ogún, àwọ̀ ló máa rí, kò ní rí ojú. Kí ẹ tó san owó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gé e. Bébà mẹ́fà sí mẹ́rin fẹ̀ ju fọ́tò PAL lọ, tí wọ́n bá sì fẹ́ kó kún bébà, òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa gé, òkè sì ni gèlè wà. Ẹ ní kí wọ́n fi àlàfo funfun sílẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì.